Ìpín Tí Mo Bèèrè Lórí Ẹ̀kọ́ Ọmọ Ọmọ Mi

Ọyẹ́ àárọ̀ ọjọ́ náà bo Sabon Gari ní Kano bí ẹni pé wọ́n gbọn àpò ìyẹ̀fun sójú ọ̀run. Oòrùn ti yọ, ṣùgbọ́n funfun lásán ló wà lókè, èèyàn lè tẹjú mọ́ ọn kí omi má yọ lójú rẹ̀. Eruku ti bo ìdérí dúrọ́ọ̀mù omi wa. Mo fi ìka kan fà á, ojú ibi tí mo fà sì yọ dúdú. Mo fi òrí pa ètè, mo fi pa gìgísẹ̀, mo fi ìborùn bo imú, mo wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ọmọ ọmọ mi fi wọ aṣọ funfun rẹ̀ tán. Ilé ìwòsàn tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì là ń lọ, lẹ́yìn Ibo Road. Mo fẹ́ lọ ṣe onídùúró fún un.

Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi. Mo ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà tí a máa sè, ló bá dúró lẹ́yìn mi.

“Kaka, wọ́n ní kí n mú onídùúró wá lọ́la. Ẹni tí wọ́n mọ ilé rẹ̀. Ṣé ẹ máa lè tẹ̀ lé mi?”

Kaka lọmọ yìí ń pè mí láti kékeré. Bí àwọn Hausa ṣe ń pe ìyá àgbà nìyẹn, òun náà kò sì mọ orúkọ mìíràn fún mi.

“Onídùúró kí ni?”

“Ilé ìwòsàn wa ló fẹ́ rán mi lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ kíndìnrín yẹn.”

Ọwọ́ mi dúró nínú ẹ̀wà. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ kíndìnrín yẹn ti wà lọ́wọ́ mi, ó kù kí n kówó sílẹ̀ ni. Mo fẹ́ bèèrè pé èmi ńkọ́, ṣùgbọ́n ó ti wọlé lọ lọ aṣọ rẹ̀. Mo ní, “Màá tẹ̀ lé ọ.” Mo padà sórí òkúta mi.

Ó yẹ kí n sọ bó ṣe di pé mo rò pé ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀wà ni mò ń ṣe. Kì í ṣe sísè, kì í ṣe díndín. Bí àwọn àgbẹ̀ bá kórè tán, tí ẹ̀wà pọ̀ tí owó rẹ̀ wálẹ̀, a máa ń rà á, a dà á sínú àpò onípele mẹ́ta tí atẹ́gùn kò lè wọ̀, a di ẹnu rẹ̀ pinpin, a tò ó sí sítọ́ọ̀ ní Fagge. A ó wá jókòó tì í. Bí ààwẹ̀ bá dé, tí àwọn oníkósáì, ìyẹn alákàrà, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀wà kiri, tàbí bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ tí ti àgbẹ̀ ti tán nílé, owó rẹ̀ á gòkè, a ó tú u síta. Ohun tí ìyá mi ṣe títí tó fi kú nìyẹn. Kíláàsì kẹta ni mo ti kúrò níléèwé, ẹ̀wà ni mo fi parí ẹ̀kọ́ mi.

Èmi nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Alhaji kan wà ní Fagge, ọmọ Hausa, ó ti pẹ́ tá a ti jọ ń bọ̀. Owó tèmi ni, ojú àti ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni. Òun ló ń lọ sọ́jà ìgbèríko, òun ló ń yẹ ẹ̀wà wò, òun ló ń ṣọ́ sítọ́ọ̀. Bí èrè bá dé, a ó pín in bá a ṣe ṣàdéhùn. Bí àdánù bá dé, tí kì í bá ṣe pé ó hùwà àìbìkítà, owó mi ni mo pàdánù, òun náà pàdánù òógùn rẹ̀, ó parí. Bí àwọn àáfà ṣe kọ́ wa nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì la ṣe ń ṣe é. Lọ́dún tí kòkòrò wọ inú àpò wa, tó jẹ́ pé bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ìyẹ̀fun lẹ máa bá, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. A jọ jókòó sórí àpò òfìfo, a mu fura oníwàrà, a rẹ́rìn-ín ara wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí sọ́kàn.

Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọmọbìnrin mi ni. Ìyá rẹ̀ fi í sílẹ̀ fún mi nígbà tó lọ sílé ọkọ míì ní Ìlọrin. Kano ni wọ́n bí i sí. Bí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, ó lè fi Hausa dá mi lóhùn, ó lè fi Pidgin dá mi lóhùn, ọjọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn ló máa ń fi Yorùbá dá mi lóhùn. Mo rán an níléèwé nọ́ọ̀sì, ó gbàwé jáde, ilé ìwòsàn aládàáni yìí gbà á. Owó oṣù rẹ̀ kò tó owó àpò ẹ̀wà kan. Mo máa ń fi àpò ẹ̀wà díwọ̀n gbogbo nǹkan, ẹ dárí jì mí, ohun tí mo mọ̀ nìyẹn.

Ṣáájú kí ọyẹ́ tó dé, ó wá bá mi lọ́jọ́ kan tòun ti fóònù rẹ̀.

“Kaka, mo fẹ́ padà síléèwé. Ọdún kan péré.”

“Kí ni o fẹ́ lọ kọ́ tí o ò tíì mọ̀?”

Ó ṣàlàyé fún mi. Àwọn kan wà tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ kan wà tó máa ń fa ẹ̀jẹ̀ wọn jáde, tó máa fọ̀ ọ́, tó máa dá a padà sí wọn lára. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n máa ń wá fún un, ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn, àfi bí wọ́n bá rí kíndìnrín ẹlòmíràn gbà. Kì í ṣe gbogbo nọ́ọ̀sì ló lè fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. Ilé ìwòsàn ń ra ẹ̀rọ, wọn ò sì rí àwọn tó mọ̀ ọ́n lò tó.

Mo ní kó jókòó. Mo bi í léèrè bí mo ṣe máa ń bi ẹni tó fẹ́ kí n ra ẹ̀wà rẹ̀.

“Èló ni?”

Ó sọ owó iléèwé, owó ìwé, owó ilé tó máa gbé, owó oúnjẹ. Mo rò ó: ó tó àpò mẹ́jọ.

“O gbàgbé nǹkan kan.”

“Kí ni?”

“Owó oṣù rẹ. Ọdún kan tí o fi ń kàwé, o ò ní gbà á. Ìyẹn náà owó ni. Àpò tí èèyàn ò rí tà, owó rẹ̀ ti lọ.”

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú fóònù rẹ̀. “Kaka, ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ lọ síléèwé yìí.”

Mo bi í bóyá gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń yege. Ó ní rárá, àwọn kan ń tún ìdánwò náà ṣe. Mo bi í iye tí wọ́n máa san fún un bó bá gbàwé jáde. Ó sọ ọ́. Mo ní, “Má ka gbogbo rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń san fún ọ nísinsìnyí, wàá gbà á bí o ò tilẹ̀ lọ. Àfikún orí rẹ̀ nìkan ni kó o kà.” A yọ owó oṣù ti ìsinsìnyí kúrò. Èyí tó kù lé ní ìlàjì àpò kan lóṣù. A fi í wé gbogbo ohun tó máa jẹ lọ, owó iléèwé àti owó oṣù tí kò ní gbà. Bí gbogbo nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta tó bá ti ń ṣiṣẹ́, ojú owó á ti padà. Lẹ́yìn ìyẹn, èrè ni, títí tó fi máa fẹ̀yìn tì.

Mo ń fi wé ẹ̀wà. Bí mo bá fi àpò mẹ́jọ sílẹ̀ di àsìkò òjò, bó bá dára fún mi, mo lè rí èrè àpò méjì. Lọ́dún tó bá tẹ̀ lé e, mo tún gbọ́dọ̀ ra òmíràn, kí n tún máa bẹ̀rù kòkòrò. Èyí tí ọmọ yìí gbé wá, ẹ̀ẹ̀kan la ó rà á, a ó sì máa tà á lóṣooṣù. Mo rí i pé ó dára ju ẹ̀wà lọ. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà, nítorí bí mo ṣe rí i pé ó dára tó, kò wù mí kí n jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ mi.

Mo ní, “Màá kó àpò mẹ́jọ náà sílẹ̀.”

Ojú rẹ̀ tàn. “Kaka.”

“Dúró. Bó o bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìlàjì àfikún yẹn, èmi ni wàá máa fún lóṣooṣù.”

Ó gbé ojú sókè. “Títí di ìgbà wo?”

“Títí tí Ọlọ́run bá fi dá ẹ̀mí mi sí.”

“Bí mi ò bá yege ńkọ́?”

“Wàá dá ojú owó mi padà díẹ̀díẹ̀.”

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, tí kò nira fún mi rárá. Mo tilẹ̀ fi kún un pé kì í ṣe èlé, pé èrè la jọ ń pín. Ó tún wo fóònù rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò pa á. “To, shikenan,” ló wí. Èyí ni pé ó dáa, ó parí. Mo rò pé ó gbà.

Bí a ṣe wọ ilé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ yẹn, wọ́n mú wa lọ sí yàrá mátírọ́ọ̀nù. Obìnrin Yorùbá ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́, onígbàgbọ́, ó sanra, ohùn rẹ̀ sì mú èèyàn lọ́kàn. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé omi inú ọ̀rá fún mi.

“Màmá, ẹ kú ìnira ọyẹ́ yìí. Ẹ̀yin lẹ tọ́ ọmọ yìí báyìí? Iṣẹ́ yín yọrí.”

“A dúpẹ́.”

“Òun la mú nínú gbogbo nọ́ọ̀sì wa. Dókítà wa ti ra ẹ̀rọ méjì, aṣọ ni wọ́n ṣì fi bò wọ́n báyìí. A nílò ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n lò, ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ rán an lọ. Òun ti ka ìwé àdéhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lonídùúró, ó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ pẹ̀lú. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, màá máa túmọ̀ rẹ̀ fún yín.”

Mo tún ìborùn mi ṣe. Mo ṣe ojú oníṣòwò. Ọkàn mi ni pé mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti fẹ́ rẹ́ ọmọ mi jẹ. Mo mọ àwọn tó ń lọ bá àgbẹ̀ nínú oko kí ẹ̀wà tó gbó, tí wọ́n á fún un lówó díẹ̀ nítorí ebi, tí wọ́n á sì fi gba gbogbo ìkórè rẹ̀. Mo ní irú wọn nìwọ̀nyí.

Mátírọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ilé ìwòsàn á san ìlàjì owó iléèwé, ti ìwé, ti ilé àti ti oúnjẹ mọ́ ọn. Ní gbogbo ọdún tó bá fi wà níbẹ̀, wọ́n á máa san ìlàjì owó oṣù rẹ̀ fún un. Bó bá parí, á padà wá fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ wọn. Owó oṣù rẹ̀ á gòkè, àmọ́ kò ní tó ohun tí wọ́n ń san níta.

“Wàyí o,” mo wí nínú ara mi, “ibẹ̀ lèrè wọn wà.” Mo ní, “Bó bá fẹ́ lọ kí ọdún méjì tó pé?”

“Á dá owó tá a ná padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. A ó yọ oṣù tó ti fi sìn wá kúrò. Bó bá ti ṣe ọdún kan, ìlàjì ló kù.”

Mo mi orí. Ó bójú mu. Mo ní, “Bí kò bá yege ńkọ́?”

“Á tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá tún yege, á padà sípò nọ́ọ̀sì tó wà tẹ́lẹ̀, á ṣe ọdún méjì rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú owó oṣù àtijọ́. A ò ní bèèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa la pàdánù, Màmá. Àwa la yàn án.”

Ọ̀rọ̀ tí èmi àti Alhaji Fagge jọ ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ ni obìnrin yìí ń sọ: bí àdánù bá dé, olówó ló jẹ ẹ́. Àjèjì ni Alhaji sí mi, mo ṣe é fún un. Àjèjì ni ilé ìwòsàn yìí sí ọmọ mi, wọ́n ṣe é fún un. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n, mo ní kó dá ojú owó mi padà.

Mo wo ọmọ náà. Fáànù òkè àjà ló ń wò, fáànù tí kò yí nítorí òtútù.

Síbẹ̀ mo tún la ẹnu. Ó jọ pé mò ń wá ibì kan tí tiwọn máa fi burú ju tèmi lọ. “Bí ọdún méjì bá wá tán?”

Mátírọ́ọ̀nù rẹ́rìn-ín. “Ọdún méjì tán, ó tán náà nìyẹn. Ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ di tirẹ̀, kó gbé e lọ síbi tí wọ́n bá ti ń san jù. Màmá, àwa kọ́ la bí i tí a ó fi máa jẹ ẹ́ títí.”

Ó fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó dà bí ẹni tó jẹ ìyọ̀ púpọ̀.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin náà fẹ́ràn ọmọ mi, ó fẹ́ kí n mọ̀ bí òun ṣe gbà á nímọ̀ràn tó. “Màmá, ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́ fún yín. Mo sọ fún un pé kó má sáré so ara rẹ̀ mọ́ wa. Mo ní ṣé kò sẹ́ni tó lè ràn án lọ́wọ́ ni, nítorí bó bá fi owó ara rẹ̀ lọ, ibi tó bá wù ú ló máa ti ṣiṣẹ́. Ó ní ẹnì kan wà, ṣùgbọ́n àdéhùn onítọ̀hún ò lópin. Mo ní, ‘Ha, sá fún un. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, bó o bá bímọ, á ní ìpín nínú ọmọ.’”

“Mátírọ́ọ̀nù,” ọmọ mi yára dá sí i, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, “ẹ jẹ́ ká tọwọ́ bọ̀wé, ó kù díẹ̀ kí n wọ iṣẹ́.”

Ó ń dáàbò bò mí. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ká ní ó wò mí pẹ̀lú ìkannú ni, mo mọ ohun tí mo lè fi dáhùn. Gbogbo etí mi gbóná lábẹ́ ìborùn, nínú ọyẹ́ tó ń là wá lẹ́sẹ̀ yẹn.

Mátírọ́ọ̀nù yí ìwé náà sọ́dọ̀ mi, ó fi ìka hàn mí. Ó sọ ohun tí onídùúró wà fún: bí ọmọ bá sá lọ, èmi ni wọ́n máa wá bá. Mo kọ orúkọ mi bí mo ṣe kọ́ ọ ní kíláàsì, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dá dúró. Mo fa ìborùn sún mọ́ ojú. Mátírọ́ọ̀nù rò pé òtútù ni, ó ní kí wọ́n ti fèrèsé.

Ó wá kọjú sí ọmọ mi. “Ìlàjì owó tó kù ńkọ́? Iléèwé á fẹ́ ẹ kí ẹ tó wọlé.”

“Mo ti rí ibì kan. Màá máa lọ ṣiṣẹ́ ní kíláníìkì kan ní Yankaba lópin ọ̀sẹ̀, títí di ìgbà tí a máa wọlé.”

Àwa méjèèjì la jọ ń gbé. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ Yankaba yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ó sìn mí dé ẹnu géètì. Àwọn adàìdàìtà, ìyẹn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ń kọjá, ìmọ́lẹ̀ wọn ṣì ń tàn nínú eruku bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ti mọ́. Mo dúró. Mo ní, “Ẹni tí àdéhùn rẹ̀ ò lópin yẹn.”

“Kaka, ẹ jẹ́ n dá kẹ̀kẹ́ dúró fún yín.”

“Èmi ni.”

Ó gbọn eruku kúrò léjìká mi. Yorùbá ló fi bá mi sọ̀rọ̀, ó rọra ń wá àwọn ọ̀rọ̀ náà. “Mi ò bínú o, Kaka. Wallahi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n kà á dáadáa kí n tó rà. Mo kà á ni.”

Kẹ̀kẹ́ dé, ó ràn mí wọlé.

Ní ọjọ́ yẹn mi ò lọ sí sítọ́ọ̀. Mo jókòó nílé, mo rò ó. Mo gbìyànjú láti dá ara mi láre. Mo ní àgbà ni mí, mi ò ní owó ìfẹ̀yìntì, ta ni yóò máa bọ́ mi? Òótọ́ ni. Mo ní èmi ló kọ́kọ́ rán an níléèwé nọ́ọ̀sì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibi yòówù kí n gbà, ibì kan náà ni mò ń dé: pé ọmọ mi gbé àdéhùn ìyá àgbà rẹ̀ àti ti àwọn àjèjì sórí òṣùwọ̀n kan náà, ti àwọn àjèjì sì fúyẹ́ láti rù ju tèmi lọ. Kò jà. Kò rojọ́ mi fún ẹnikẹ́ni lórúkọ. Ó kàn lọ rà níbi tó ti dára jù, bí oníbàárà rere ṣe máa ń ṣe. Ó kúnlẹ̀ gbé oúnjẹ fún mi lálẹ́. Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Mo ní ẹran náà le, bẹ́ẹ̀ kò le rárá.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe kírun àsùbá tán ni mo gba Fagge lọ. Ọyẹ́ ṣì wà bó ṣe wà. Alhaji ń yáná lẹ́nu sítọ́ọ̀. Hausa la máa ń sọ síra wa.

“Hajiya, ẹ jí bí ẹni tí wọ́n lé kúrò lórí ibùsùn.”

“Mú àpò mẹ́rin jáde, kó o tà á lónìí.”

Ó yọ ọwọ́ kúrò lórí iná. “Lónìí? Owó rẹ̀ ò tíì gbó. Ààwẹ̀ ku díẹ̀. Àwọn oníkósáì á wá fúnra wọn.”

“Mo mọ̀.”

“A ó pàdánù èrè.”

“Nínú ìpín tèmi ni kó o yọ ọ́. Tìrẹ kò ní dín.”

Ó wò mí títí. “Kí lẹ rí tí èrè rẹ̀ ju ẹ̀wà lọ?”

“Mi ò mọ̀ bóyá yóò mú èrè wá.”

“Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín,” ló wí, “mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu yín rí.” Ó pe àwọn alábàárù. Ṣáájú kí oòrùn tó gbọn eruku díẹ̀ kúrò lójú, ó ti ta mẹ́rin, ó sì ka owó náà lé mi lọ́wọ́. Kò bèèrè mọ́. Mo tún ẹnu àpò tó ṣẹ́kù wò, mo fà á dì kí n tó kúrò.

Mo lọ bá oní-POS ní Ibo Road. Nọ́ńbà àkáǹtì iléèwé náà, mo ti gbà á lọ́wọ́ mátírọ́ọ̀nù lórí fóònù láàárọ̀ yẹn. Mo sọ fún un pé ẹni tí àdéhùn rẹ̀ ò lópin ni mí, ó sì ní kí n má bínú. Oní-POS fi owó náà ránṣẹ́ lórúkọ ọmọ mi, ó fún mi ní rìsíìtì. Mo ní kó kà á sí mi létí lẹ́ẹ̀mejì. Mo mú un délé, mo gbé e sórí aṣọ rẹ̀ tó ká. Mo fẹ́ kó bá a níbẹ̀, kí n má wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe àlùwàlá fún ìrun aílà.

Orí ẹní ni mo wà nígbà tí ó ti ibi iṣẹ́ àárọ̀ dé. Mo gbọ́ bó ṣe ń bọ́ bàtà. Mo gbọ́ bó ṣe wọ yàrá, mo gbọ́ ìró rìsíìtì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mi.

“Kaka,” ó wí, ní Hausa, jẹ́jẹ́, “kí lẹ máa gbà níbẹ̀?”

Mo ti sálámà, ìrun náà ti parí nígbà yẹn. Ìdáhùn náà wà lẹ́nu mi: pé mi ò ní gba nǹkan kan, pé bí kò bá yege, èmi ni mo pàdánù. Ṣùgbọ́n mo ronú pé ẹnu kan náà ló sọ “títí tí Ọlọ́run bá fi dá ẹ̀mí mi sí,” kò sì tíì pẹ́ tó kí ọmọ náà gbàgbé. Mo gbọ́ bó ṣe dúró, tó ń retí. Mo dìde, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo tún bẹ̀rẹ̀ rákáà mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò ní kí n kí.